Àlá Tí Ó Ń Tún Jàǹbá Ṣe: Láti Lántòrò Ọdún 1944 dé Ẹnu Ọ̀nà Awo Lónìí

Kò sí awo tí ó ti pẹ́ nídìí ọpọ́n tí ẹnìkan kò tíì wá bá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù pẹ̀lú ojú pípọ́n, tí onítọ̀hún ń wí pé, "Bàbá, n kò rí oorun sùn. Bí mo bá ti dijú, ọkọ̀ náà ni mo tún ń rí." Ẹlòmíràn á ní ìbọn àwọn adigunjalè ni òun ń gbọ́. Ẹlòmíràn á ní ọwọ́ ẹni tí ó lu òun ni ó ń bọ̀ lọ́rùn òun. Gbogbo wọn ni ó ń béèrè ohun kan náà: kí ni ìtumọ̀ àlá yìí?

Ìbéèrè tiwa nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni pé, ìgbà wo ni ó yẹ kí awo túmọ̀, ìgbà wo sì ni ó yẹ kí ó dá ìtumọ̀ dúró, kí ó mú oníbèérè lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn àìsàn ọpọlọ? Èrò wa ni pé ìtàn ti dáhùn rẹ̀, apá tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn náà sì ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ní Abẹ́òkúta.

Àlá tí kò lo òwe

Àlá tí àwọn baba wa ń túmọ̀ máa ń sọ̀rọ̀ bí òwe. Ẹni tí ó lá àlá pé òun ń la odò kọjá, tàbí pé màlúù ń lé òun, tàbí pé òkú ìdílé fún òun ní aṣọ, ohun kan ni ó rí, ohun mìíràn ni ó ń wá. Àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì ni olùtúmọ̀ ń dúró sí ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Àlá ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú jàǹbá yàtọ̀. Tírélà inú àlá rẹ̀, tírélà náà gan-an ni. Ìró gíláàsì, òórùn epo, ohùn ẹni tí ó jókòó tì í, gbogbo rẹ̀ wá bí ó ti wá lọ́jọ́ náà. Oníbèérè kì í sùn dé ìparí rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rù ti pọ̀ jù ni ó ti ń ta jí, pẹ̀lú òógùn lára àti àyà tí ń lù kìkì. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó tún padà wá.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ìyàtọ̀ yìí sílẹ̀ kedere ni ọkùnrin tí òkìkí rẹ̀ ti inú ìtumọ̀ àlá wá. Sigmund Freud ni orúkọ rẹ̀, oníṣègùn ní ìlú Fiyẹ́nà nílẹ̀ Ọ́sítríà. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtumọ̀ àlá, tí wọ́n kọ ọdún 1900 sí lára, ó kọ́ni pé àlá a máa fi aṣọ bo ìfẹ́ ọkàn tí ó fara sin, àti pé ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà lè bọ́ aṣọ náà kúrò. Lẹ́yìn náà ni Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ti ọdún 1914 sí 1918 dé. Àwọn ọmọ ogun padà wálé pẹ̀lú àlá tí ń gbé wọn padà sójú ogun, bí àlá àwọn tí ó yè nínú jàǹbá ọkọ̀ ojú irin ṣe ń gbé wọn padà sídìí ọkọ̀. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1920, Freud gbà pé irú àlá bẹ́ẹ̀ kò bọ́ sábẹ́ òfin tí òun ti là sílẹ̀. Kò sí ìfẹ́ ọkàn kankan tí ó fara sin níbẹ̀. Ọkàn ń padà síbi tí ó ti fara gbọgbẹ́ ni.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ọkùnrin yìí ni àwọn oníṣègùn òde òní ti pa tì, àwa náà kò sì gbé e kalẹ̀ bí olùkọ́ awo. Ohun tí a mú lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìjẹ́wọ́ yìí: ẹni tí ìtumọ̀ àlá sọ di olókìkí dé ibi àlá kan, ó sì wí pé ìtumọ̀ òun kò ran èyí.

Ilé ẹ̀wọ̀n ní Lántòrò, abúlé ní Aro

Ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn ìwé náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún dé ẹnu ọ̀nà wa. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà lọ jà ní Bọ́mà. Àwọn kan nínú wọn padà bọ̀ pẹ̀lú àìsàn ọpọlọ. Ní ọdún 1944, ìjọba gba ilé ẹ̀wọ̀n ìbílẹ̀ kan ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, wọ́n sì sọ ọ́ di ibùgbé àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò. Ọkùnrin tí ó ti la ìbọn kọjá nínú igbó ilẹ̀ òkèèrè padà sílé, inú ọgbà tí wọ́n kọ́ fún ọ̀daràn ni wọ́n fi í sí. Ilé tí ó ń ṣọ́ni ni, kò tíì di ilé tí ó ń woni sàn.

Ọdún 1954 ni ìyípadà dé. Ọmọ bíbí Abẹ́òkúta kan, Thomas Adéoyè Lámbò, tí wọ́n bí ní ọdún 1923, tí ó ti kọ́ ìṣègùn ní Bámíńgámù àti ìmọ̀ àìsàn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, gba àbójútó ilé ìwòsàn tuntun tí ń bẹ ní Aro. Kò fẹ́ fi ọgbà yí aláìsàn ká. Ó bá àwọn abúlé tí ó wà nítòsí sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba aláìsàn sínú ilé wọn. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan mú ó kéré tán ìbátan kan dání, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fún un ní oògùn, tí wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ọjọ́ bá rọ̀, a padà sáàárín abúlé, síbi tí ayẹyẹ, ọjà àti ìtàkurọ̀sọ ń lọ bí ó ti yẹ.

Èyí tí ó kan àwa jù ni pé Lámbò pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá wá bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n mọ ohun tí dókítà tí ó ti òkè òkun dé lè má tètè rí: ìjà ìdílé tí aláìsàn kò fẹ́ sọ, ètùtù tí ó rò pé òun jẹ ní gbèsè, ìbẹ̀rù tí ó wà lára orúkọ kan. Wọ́n lè bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tí ó wọ̀ ọ́ lára. Síbẹ̀, ọwọ́ ilé ìwòsàn ni àyẹ̀wò ara àti oògùn wà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ohun tí ètò Aro fi hàn ni pé a lè fi ọwọ́ méjèèjì ṣe iṣẹ́ kan. Àwọn oníṣègùn láti ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun wá ṣe àpérò ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1961, Lámbò fúnra rẹ̀ sì di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú asofẹ́yẹjẹ

Ìtàn Aro kò parí sí oríyìn. Dókítà kan láti ilẹ̀ Kánádà, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní àwọn ọdún náà, ó sì kọ̀wé ní ọdún 1960 nípa ewéko tí àwọn oníṣègùn wa ń lò fún wèrè. Asofẹ́yẹjẹ ni ewéko yìí. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ní Súwísálándì ti yọ èròjà kan tí wọ́n pè ní rẹsápíìnì jáde láti ara ìbátan asofẹ́yẹjẹ tí ó ń hù ní Íńdíà. Èròjà yìí wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa pẹ̀lú. Ó ń rọ ẹni tí ó ń ta kìjikìji lójú. Àwọn baba wa kò purọ́ lórí èyí.

Ṣùgbọ́n èròjà yìí kan náà ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó lè kó ìbànújẹ́ ńlá bá ọkàn, ó sì lè mú àlá burúkú wá. Ẹ gbé ẹni tí ó yọ nínú jàǹbá wò. Ó lè ti pàdánù ẹ̀jẹ̀, ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, àlá burúkú gan-an ni ó ń sá fún. Bí a bá po gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ fún un nítorí pé kò sùn, a lè máa bu epo sí iná. Oògùn tí ó dára fún àìsàn kan lè ṣe ẹlòmíràn léṣe. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú àìsàn tí ó wà níwájú wa.

Àwọn oníṣègùn pẹ̀lú pẹ́ kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ àìsàn yìí. Ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àìsàn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí sínú ìwé ìtọ́sọ́nà wọn, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun wọn ti ti Fiẹtinámù dé. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, a lè pè é ní ìdààmú ọkàn tí ń tẹ̀lé àjálù. Àlá kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Aláìsàn a máa rí ìṣẹ̀lẹ̀ náà lóru tàbí lójúmọmọ, a máa sá fún ohunkóhun tí ó bá rán an létí rẹ̀, a máa ta gìrì sí ìró kékeré, inú rẹ̀ a sì máa dàrú sí àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ìyá aláta àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yé ara wa; àkàwé lásán ni, a kò sọ ti ẹnì kan pàtó. Ìyá kan ń ta ata ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì tí ó wọ̀ forí sọ tírélà lójú ọ̀nà Èkó, obìnrin tí ó jókòó tì í sì kú. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wá sọ́dọ̀ awo. Ó ní lóròòru ni òun ń rí obìnrin náà tí ó di òun lọ́wọ́ mú.

Kí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó jáde nínú àpò, ìbéèrè orí ni ó kọ́kọ́ yẹ kí awo bi í, orí tí a ń fojú rí. Ṣé ó forí gbá nǹkan? Ṣé ó dákú? Ṣé ẹ̀fọ́rí rẹ̀ ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, tàbí ó ń bì? Ṣé ó ń tòògbé lọ́sàn-án, ó ń gbàgbé, ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ kan ń rọ, tàbí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ń ti imú tàbí etí rẹ̀ jáde? Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan, ilé ìwòsàn ni ó ń lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ lè máa sun díẹ̀díẹ̀ nínú agbárí fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ kí ó tó fara hàn, pàápàá lára àgbàlagbà.

Ká ní kò sí èyíkéyìí nínú wọn. Àlá ọjọ́ kẹrin kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń lá irú rẹ̀ lẹ́yìn jàǹbá, tí ó sì ń fúyẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ohun tí ìyá yìí nílò ni kí ẹnìkan máa sùn sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kí ó máa jẹun, kí ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí a gbọ́. Bí kò bá fẹ́, kí a má fi agbára mú un ro ìtàn náà fún gbogbo àlejò. Kí ó yàgò fún ògógóró, kí ó má sì lọ ra oògùn oorun lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Ìtọ́sọ́nà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2013 sọ pé kí a má fi irú oògùn amárarọlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tọ́jú àgbàlagbà nítorí ìdààmú yìí ní oṣù àkọ́kọ́.

Ibí yìí ni ìtumọ̀ àkùgbé ti lè bà á jẹ́. Bí awo bá sọ fún un pé obìnrin tí ó kú ń pè é, ẹ̀rù tí ó ń bà á lóru yóò gba orúkọ, kò sì ní fẹ́ dijú mọ́. Bí awo bá sọ pé orogún ni ó fi jàǹbá náà ránṣẹ́, ilé tí ó yẹ kí ó gbà á mọ́ra yóò di ojú ogun. Bí awo bá kìlọ̀ pé kí ó má wọ ọkọ̀ mọ́, a ti fún àìsàn náà ní oúnjẹ, nítorí sísá fún ohun tí ó bani lẹ́rù ni ó ń mú kí ẹ̀rù náà pẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu awo wúwo lórí oníbèérè. Ohun tí a bá sọ lọ́jọ́ kẹrin lè bá a dé ọdún kẹrin.

Ó sàn kí awo máa ka òru. Kí ó sọ fún ìyá yìí pé kí ó padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì bi í léèrè pé: òru mélòó nínú méje ni àlá náà wá? Ṣé o ń sá fún oorun? Ṣé o ti lọ sọ́jà? Ká ní lọ́sẹ̀ kìíní, òru mẹ́fà. Lọ́sẹ̀ kẹta, mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ẹyọ kan, ó sì ti jókòó sídìí ata rẹ̀. Ọgbẹ́ yìí ń jiná. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ kìíní, márùn-ún lọ́sẹ̀ kẹta, mẹ́fà lọ́sẹ̀ kẹfà, tí ó ń jókòó títí di ọ̀gànjọ́ nítorí ẹ̀rù oorun, tí ọmọ rẹ̀ ń bá a lọ sọ́jà, oṣù kan ti kọjá, ìgbé ayé rẹ̀ sì ti dúró. Ìtumọ̀ parí síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni ọ̀nà kàn.

Àwọn kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ ka òru fún rárá. Ẹni tí ó bá sọ pé òun ì bá kúkú kú, ẹni tí ó ń gbọ́ ohùn lójúmọmọ, ẹni tí kò jẹ tí kò mu, ẹni tí ọtí ti di oògùn oorun rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ìbátan kan sìn ín lọ. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn láàárín wákàtí 72, nítorí oògùn tí ó ń dènà kòkòrò éèdì kì í ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹni tí ó sì ń sùn sínú ilé kan náà pẹ̀lú ẹni tí ń lù ú, ibi ààbò ni ó kọ́kọ́ nílò. Àlá rẹ̀ ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí ní ọ̀sán.

Ohun tí ń bẹ níbẹ̀, àti ohun tí ó kù fún awo

Ó yẹ kí awo mọ ohun tí ó ń rán ènìyàn lọ pàdé, kí ó lè ṣàlàyé fún un. Kì í ṣe ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kì í sì ṣe abẹ́rẹ́ nìkan. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà yóò máa rí ìyá aláta ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Yóò ràn án lọ́wọ́ láti sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, níbi tí kò sí ewu, títí tí yóò fi di ìtàn ohun tí ó ti kọjá. Yóò bá a pín ìpadà sínú ọkọ̀ sí ìgbésẹ̀ kéékèèké: lónìí kí ó dúró ní ibùdókọ̀, lọ́la kí ó jókòó sínú ọkọ̀ tí kò rìn, lọ́tùn-ún kí ó wọ̀ ọ́ dé ibùdó kan.

Fún àlá náà gan-an, ọ̀nà kan wà tí ó rọrùn láti sọ. Lójúmọmọ, aláìsàn yóò mú àlá náà, yóò yí i padà bí ó bá ti wù ú, yóò sì máa fọkàn ro tuntun náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún lójoojúmọ́. Ìyá aláta lè yàn pé obìnrin náà jọ̀wọ́ ọwọ́ òun, ó sì dágbére. Ọ̀pọ̀ ni àlá wọn ń dín kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn, àwọn kan sì nílò oògùn pẹ̀lú. Dókítà ni yóò sọ ìyẹn.

Awo kò kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ó bá rán oníbèérè lọ. Láti ilẹ̀ wá, bí ọ̀rọ̀ bá kan Ọ̀ṣun, awo a ní kí oníbèérè lọ sọ́dọ̀ olórìṣà Ọ̀ṣun. Bí ó bá kan ewé, a fi í lé oníṣègùn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó ka èyí sí àìmọ̀. Ìránlọ sí Aro tàbí sí Yábàá bá ìlànà yìí mu. Ìtùfù fún ẹni tí ó kú, ìwúre ọpẹ́ fún ẹni tí ó yè, ìlàjà nínú ilé tí ẹ̀sùn ti wọ̀, àti títẹ̀ lé ìyá aláta dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kí ìtìjú má baà dá a padà, iṣẹ́ awo ni gbogbo wọn.

Ní ọdún 1944, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ọmọ ogun wa ti lá àlá Bọ́mà rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, aláìsàn Aro ń sùn nínú ilé abúlé, ìbátan rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dókítà ń dúró dè é ní òwúrọ̀, oníṣègùn ìbílẹ̀ sì wà láàárín wọn. Àyè yẹn ni àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa. Ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí i.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.